Ìyá Ìbejì, mo bẹ̀ ọ́, má tíì pa ímeèlì kankan rẹ́

Òkè Ìyinmi, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì ò tíì sọ ọ́ di òyìnbó? Àárò rẹ ń sọ mí. Ara gbogbo wa le, òjò ń rọ̀, iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lọ́jà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò ṣeé gbọ́ sétí. Ìyá àgbà ti bọ́ lọ́wọ́ ibà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti áàpù ìṣirò olówó oṣooṣù tí Dámi ń wò, tí ìwọ fi ímeèlì rẹ bá mi ṣí nítorí pé tèmi ti kún. O rántí pé ọjọ́ 14 oṣù kẹta la jọ fagi lé e lórí fóònù. Wọ́n dáhùn sínú ímeèlì rẹ pé àwọn ti gbọ́, pé ó máa parí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin. Ó di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, alẹ́ẹ̀tì dún: ₦4,500. Mo ní bóyá gbèsè oṣù tó kọjá ni. Ó tún dún ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, ó tún dún ní ọjọ́ 2 oṣù yìí. ₦13,500 ti lọ báyìí, Bàbá Dámi ò sì tíì gbọ́ o! Òun ló ní kí n má fi káàdì mi síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá gbọ́, á sọ ọ́ dé ọdún tó ń bọ̀.

Mo bínú lọ sí báńkì. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ bi mí pé ṣé mo mọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹnu mi ti là láti sọ pé olè ni wọ́n, n ò mọ̀ wọ́n rí. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ló dá mi dúró. Ó ní bí mo bá kọ ọ́ pé n ò mọ̀ wọ́n, wọ́n á kàn fi hàn pé èmi fúnra mi ni mo fi káàdì síbẹ̀, pé ọmọ mi sì ti wò ó fún oṣù mélòó kan, ẹjọ́ á kú síbẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni kí n kọ: mo mọ̀ wọ́n, mo ti fagi lé e, wọ́n jẹ́rìí sí i, síbẹ̀ wọ́n ń gba owó lọ. Ó ní orúkọ ẹ̀sùn yẹn yàtọ̀ sí ti olè lọ́dọ̀ Físà àti Másítákáàdì. Àwọn báńkì ń pe ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà ní ṣáájìbáàkì.

Mo ní kí wọ́n kàn fún mi ní káàdì tuntun, ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ètò kan wà tí báńkì lè máa fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba owó oṣooṣù, nítorí náà káàdì tuntun nìkan lè má dá wọn dúró. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ìwé kan náà pé kí báńkì dí ọ̀nà fún ilé iṣẹ́ yẹn. Mo kọ ọ́. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí wọn ò dáhùn, màá kọ̀wé sí báńkì àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng, nítorí wọ́n fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ báńkì tirẹ̀ ná.

Kí n tó lọ sí báńkì, mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn. Ọjọ́ tí mo fagi lé e, ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n gba owó, iye tí mo fẹ́ kí wọ́n dá padà, kò ju ìlà márùn-ún lọ. Èsì wọn ni pé orúkọ tó wà lórí fọ́tò ímeèlì tí o ya fún mi nígbà yẹn kì í ṣe tèmi, pé ẹnikẹ́ni lè ṣe fọ́tò. Ẹ ò rí àwọn èèyàn yìí! Orúkọ tó wà níbẹ̀ náà ni wọ́n fi ń kí mi ní gbogbo oṣù.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ gan-an nìyí, ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ ọ́ mọ́ pípa nǹkan rẹ́. Jọ̀wọ́, wá ímeèlì ọjọ́ 14 oṣù kẹta yẹn, wò ó nínú pàǹtírí náà. Má ya fọ́tò rẹ̀, má gé e. Dárí odidi rẹ̀ sí mi bó ṣe wà, kí ọjọ́ àti àdírẹ́sì tó fi wá lè hàn lókè. Má sì wọ inú áàpù náà láti lọ wá a, kí wọ́n má baà ní a ṣì ń lò ó.

Bí o bá lè rí i kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, inú mi á dùn. Ọjọ́ 120 ni àyè tí báńkì ní láti gbé irú ẹ̀sùn yìí lọ, láti ìgbà tí wọ́n ti gba owó kọ̀ọ̀kan, ti oṣù kẹrin sì máa pé ní ìparí oṣù keje. Báńkì á nílò àyè tiwọn kó tó dìgbà yẹn.

Bí o bá ti rí i, pè mí. Má fílàṣì mi o, mo mọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá Dámi