Lẹ́tà sí Gbénga lórí ilé gààrí tó fẹ́ dá sílẹ̀ nílé

Òkè-Àgbò,
Ìjẹ̀bú-Igbó.

Gbénga ọ̀rẹ́ mi,

Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ìlú Ọba ò ní mú yín o. Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. O ní àbúrò rẹ ló máa bójú tó ilé gààrí náà, pé wàá máa fowó ránṣẹ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gààrí ò bà mí lẹ́rù, ta ni ò mọ gààrí Ìjẹ̀bú? "Àbúrò" àti "lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀" yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

O rántí pé Ìbàdàn ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń bá mi ṣe é. Lọ́jọ́ kan, pákí tí mo mọ̀ pé ó yẹ kó fún wa ní àpò mẹ́rin, àpò mẹ́ta ló fún wa, kò tiẹ̀ kún. Mo fi fóònù bú u, mo ní ó jí gààrí mi tà. Ẹ̀yìn tó ti kẹ́rù rẹ̀ lọ ni mo tó gbọ́ pé ọkọ̀ tó yẹ kó kó pákí náà bàjẹ́ sójú ọ̀nà oko, pé pákí ti lo ọjọ́ mẹ́rin nílẹ̀ kí wọ́n tó bó o. Bó bá ti ju ọjọ́ méjì tí wọ́n ti wú pákí, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí dúdú, èyí tí wọ́n máa gé dànù á sì pọ̀. Títí dòní, ọmọ yẹn ò wá sílé mi.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n ni kó o kọ́kọ́ rà, kódà ṣáájú ẹ̀rọ tó ń rin pákí. Kí wọ́n wọn pákí bó ṣe ń bọ́ látinú ọkọ̀, kí wọ́n tún wọn gààrí lẹ́yìn tó bá ti tutù, kí wọ́n tó rán àpò. Kí wọ́n ya fọ́tò ojú òṣùwọ̀n ní ìgbà méjèèjì. Pákí 1,000 kílò tí wọn ò tíì bó máa ń fún èèyàn ní gààrí bíi 200 sí 250 kílò. Ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, wàá mọ iye tí oko tiyín ń mú wá, torí pákí ìgbà òjò máa ń lómi nínú. Bó bá já wálẹ̀ lójijì, ọjọ́ tí wọ́n wú u ni kó o kọ́kọ́ béèrè. Bó bá sì fò sókè sí 300, má yọ̀: wọn ò yan án gbẹ ni, yóò bu nínú àpò.

Wo ọjọ́ tó wà lára fọ́tò náà. Pákí tí wọ́n rin fún gààrí tiwa gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún nínú àpò kó tó kan dáadáa. Pákí tó dé lọ́jọ́ Ajé tó ti di gààrí lọ́jọ́rú, wọ́n ti sáré sí i, àwọn oníbàárà á sì fi ẹnu mọ̀ ọ́n.

Àbúrò rẹ lè máa wọn ọjà, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ òun náà ni yóò máa gbowó ọjà. Kì í ṣe pé olè ni. Ẹni tó ń ṣe méjèèjì kò ní ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fura sí i. Fún un lówó oṣù tó ṣe pàtó. Fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí báǹkì lè ṣí àkántì lórúkọ rẹ̀, èyí tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ibẹ̀ ni kí àwọn oníbàárà máa san owó sí, kí fóònù tìrẹ náà sì máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì. Màmá tó ń kó owó rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, jọ ni mo dámọ̀ràn pé kó jẹ́ ẹnì kejì. Obìnrin yẹn á béèrè owó epo ọkọ̀ lọ́wọ́ ọba.

Àkántì yẹn náà ló máa jẹ́ kó o jáwọ́ nínú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ká ní wọ́n ń gba pọ́n-ùn 3 nígbàkigbà tó o bá fowó ránṣẹ́. Pọ́n-ùn 100 lẹ́ẹ̀mẹrin ti jẹ 12; 400 lẹ́ẹ̀kan, 3 péré. Má sì jẹ́ kí ẹni tó ní òun ò gba kọ́bọ̀ tàn ọ́. Bí pọ́n-ùn bá jẹ́ náírà 2,000 lọ́jà, tí ẹni náà sì ṣẹ́ ẹ fún ọ ní 1,940, náírà 776,000 ló máa dé ibí nínú 400 rẹ. Ẹni tó gba 3, tó ṣẹ́ èyí tó kù ní 1,990, náírà 790,030 ló máa mú dé. Iye tó máa balẹ̀ níhìn-ín ni kó o máa béèrè. Owó oṣù kan ti tó lẹ́ẹ̀kan ṣá, má kó ti ọdún kan wá, kí iye náírà má lọ já wálẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

O ní Ojúde Ọba lo máa wá wò ó. Ẹran Iléyá lo máa jẹ, o ò ní rí nǹkan kan. Wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lásán, má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òṣùwọ̀n mi àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé, irin rẹ̀ nìkan ló ti dípẹtà. Mo máa fi àpò símẹ́ńtì 50 kílò dán an wò lọ́la. Fi orúkọ ẹni méjì tó máa fọwọ́ síwèé ránṣẹ́ sí mi kí n tó lọ sí báǹkì lọ́jọ́ Ajé.

Èmi ni tìrẹ,
Wálé