Ta ló sọ Èkìtì di ẹ̀ka, tó sọ Ìtsẹkírì di èdè?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ lójú ìwé àwọn òǹkàwé yín ni mo fẹ́ dá sí. Àwọn kan kọ̀wé pé Èkìtì kì í ṣe èdè, pé ẹ̀ka-èdè lásán ni, àti pé àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti rí i bẹ́ẹ̀. Apá tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo kọ̀. Òṣùwọ̀n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ pé ibí ni ẹ̀ka parí sí, ibẹ̀ yẹn ni èdè ti bẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ pinnu ibi tí òun yóò fa ìlà sí.

Òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí ni àgbọ́yé: bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn yé ara wọn, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó fi èyí ṣe iṣẹ́ ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé. Wọn a gba ìtàn kan sílẹ̀ lẹ́nu ọmọ ìlú, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀, bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Wọn kì í lo àlọ́, torí ẹni tó ti mọ àlọ́ náà tẹ́lẹ̀ yóò dáhùn láìgbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọn a gbé ìbéèrè bíi mẹ́wàá kalẹ̀ lórí ìtàn náà, wọn a sì kọ́kọ́ fi dán àwọn ará ìlú náà gan-an wò. Ìbéèrè tí onílé bá kùnà, ìbéèrè ọ̀hún ni kò dára, wọn a yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ìtàn lọ sí ìlú kejì, fún bí ènìyàn mẹ́wàá, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan má baà gba ìdáhùn lẹ́nu ẹlòmíràn. Ohùn tí àwọn ará ìlú kejì ń sọ nílé ni wọ́n fi ń bi wọ́n ní ìbéèrè, kó lè jẹ́ pé ìtàn nìkan ló ṣe àjèjì sí wọn.

Ká ní a gba ìtàn sílẹ̀ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, a wá gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn. Ká ní márùn-ún nínú àwọn mẹ́wàá gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, tí márùn-ún yòókù gba márùn-ún péré. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70 nínú 100. Ẹni tó bá wo 70 yìí nìkan yóò ní wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó gba méje! Ẹgbẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: àwọn kan ti bá ará Èkìtì gbé tàbí bá wọn ṣòwò rí, etí wọn ti kọ́ ọ, àwọn yòókù kò rí irú rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí onímọ̀ fi máa ń wo bí máàkì àwọn tó gbọ́ ìtàn ṣe jìnnà síra tó. Bí ó bá jìnnà púpọ̀, ohun tí wọ́n wọ̀n kì í ṣe ìbátan àwọn ohùn méjèèjì mọ́, bí kò ṣe iye ìrìn-àjò tí olúkúlùkù ti rìn.

Ẹ wá yí i padà, kí ẹ gbé ìtàn Ìsẹ́yìn wá sí Ìkọ̀lé. Ó dá mi lójú pé gbogbo wọn ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Yorùbá àjùmọ̀lò, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ohùn Ọ̀yọ́, ni wọ́n fi kọ́ wọn níléèwé, òun ni Bíbélì, òun ni rédíò. Níbo la ti fẹ́ rí àgbàlagbà Èkìtì tí kò tíì gbọ́ ọ rí, tí a ó fi dán an wò? Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí ìdánwò náà ní ìtumọ̀ fún wa, ìyẹn láti Èkìtì lọ sí Ọ̀yọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni máàkì ti lè kéré jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí Èkìtì jẹ́ ẹ̀ka yóò mú máàkì ti Ìkọ̀lé. Ẹni tó bá fẹ́ kó dá dúró yóò mú ti Ìsẹ́yìn. Àwọn méjèèjì kò purọ́.

Ìṣòro kejì le ju èyí lọ, torí pé inú ọkàn ènìyàn ló wà. Ní 1959, onímọ̀ èdè kan tó ń jẹ́ Hans Wolff tẹ ohun tó rí ní ìhà gúúsù Nàìjíríà jáde. Àwọn Nẹ́ḿbè sọ pé Kalabárì yé àwọn. Àwọn Kalabárì, tí ọwọ́ wọn ròkè nínú òwò nígbà náà, ní Nẹ́ḿbè kò yé àwọn rárá. Ó kọ nípa Úróbò àti Ìsókò pẹ̀lú: tẹ́lẹ̀, tọ̀túntòsì gbà pé àwọn gbọ́ ara àwọn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Ìsókò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kí wọ́n dá dúró nínú ètò ìṣèlú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé èdè àwọn yàtọ̀. Ohun tó wà lẹ́nu wọn kò yí padà láàárín ìgbà náà, ibi tí wọ́n fẹ́ wà ló yí.

Àwọn mìíràn a ní ká fi àgbọ́yé sílẹ̀, ká ka ọ̀rọ̀. Wọn a to ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ jọ, bí omi, ojú, iná, ikú, wọn a wá wo iye tó jẹ́ ìbátan. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe é fi ìlà sí 70 nínú 100. Ènìyàn ló yan 70 yìí, a kò bá a lára èdè. Yàtọ̀ sí èyí, kíka ọ̀rọ̀ kì í rí ìró. "Ilé" ti àjùmọ̀lò àti "ulé" ti Èkìtì, ọ̀kan náà ni wọ́n máa kà á sí. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ya Èkìtì sọ́tọ̀ gan-an nìyẹn. Yorùbá àjùmọ̀lò kò gba "u" ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sì ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje. Ti Èkìtì jẹ́ mẹ́sàn-án, torí "i" jẹ́ méjì, "u" náà sì jẹ́ méjì. "U" inú "ulé" àti "u" inú "uṣẹ́" kì í ṣe ìró kan náà, ṣùgbọ́n àkọtọ́ tí a ń lò kò ní lẹ́tà tí a lè fi yà wọ́n. Àǹkóò fáwẹ̀lì wa, ìyẹn bí fáwẹ̀lì kan ṣe ń fa èyí tó bá a mu mọ́ra, dé orí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ pàápàá: "ó dé," ṣùgbọ́n "ọ́ lọ". Ọmọ tó bá kọ "ọ́ lọ" sínú ìdánwò yóò pàdánù máàkì, bẹ́ẹ̀ òfin gírámà ìlú rẹ̀ ló tẹ̀lé.

Ẹ wá wo Ìtsẹkírì. Ẹ mú orúkọ wọn kan, Ọmatsọla: "ọma" ni ọmọ, "ts" wọn bọ́ sí ibi tí "ṣ" wa wà, "ọla" ni ọlá. Ẹ mú Toritseju: ti Òrìṣà jù. Òǹkàwé Èkìtì kò nílò ògbufọ̀ níbí. Àwọn onímọ̀ kò jiyàn pé Yorùbá, Ìtsẹkírì àti Ígálà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ rí i pé Ìtsẹkírì sún mọ́ àwọn ẹ̀ka Yorùbá ti ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn gan-an. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń pe Ìtsẹkírì ní ẹ̀ka Yorùbá lójú wọn kó lọ ní àlàáfíà. Wọ́n ní ọba tiwọn, tí ìtàn ìdílé rẹ̀ tọ́ka sí Ìbíní. Ní 1963 wọ́n kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí wọ́n dá Ẹkùn Àárín-Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, lónìí Ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà ni wọ́n wà. Èdè ni wọ́n ní, torí wọ́n dúró lórí i pé èdè ni, ó sì tọ́ sí wọn.

Àwa ńkọ́? Bíbélì Yorùbá pé tán ní 1884. Ní ọdún yẹn, Èkìtì Parapọ̀ ṣì wà lójú ogun Kírìjì pẹ̀lú Ìbàdàn. 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Orúkọ náà, Yorùbá, ti Ọ̀yọ́ nìkan ni tẹ́lẹ̀ kí àwọn ajíhìnrere tó tẹ̀ ẹ́ gbòòrò mọ́ gbogbo wa. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ló sọ ohùn kan di ìyá, tó sọ àwọn yòókù di ẹ̀ka. Èmi kò sọ pé ká jáde kúrò lára Yorùbá. Yorùbá ni wá, a sì jèrè púpọ̀ nínú àjùmọ̀lò náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìpinnu ni, kí a má pè é ní àbájáde ìwádìí.

Ìpinnu náà ń ná wa ní nǹkan. Ẹ wo ISO 639-3, àtòkọ kóòdù àwọn èdè àgbáyé tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò: `yor` ni Yorùbá, `its` ni Ìtsẹkírì, `igl` ni Ígálà. Ṣábẹ̀ẹ́ ní Orílẹ̀-èdè Benin, tó ń pe ara rẹ̀ ní Yorùbá, ní `cbj` tirẹ̀. Èkìtì kò ní. Ẹni tó bá kó ohùn Èkìtì jọ lónìí, abẹ́ `yor` ni yóò tò ó sí, kò sì sí ohun tí yóò fi í hàn yàtọ̀ sí ti Ìsẹ́yìn.

Èyí tó dùn mí jù wà nínú ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín. Ní agbègbè Òmùò, àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ Àhàn. Àwọn onímọ̀ kò kà á mọ́ Yorùbá rárá. Ayéré ní Ìpínlẹ̀ Kogí ni ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, ó sì ní kóòdù tirẹ̀, `ahn`. Ṣùgbọ́n nítorí pé Yorùbá ni àwọn tó ń sọ ọ́ ka ara wọn sí, tí wọ́n ń bá wa sọ Èkìtì, "ẹ̀ka Èkìtì kan" làwa yòókù ń pè é. Ìtsẹkírì tó jọ wá di èdè, Àhàn tí kò jọ wá di ẹ̀ka.

Àwọn tó ń sọ ọ́ kò pọ̀. Nítorí náà mo bẹ̀ yín kí ẹ rán akọ̀ròyìn lọ síbẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ṣe jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kó má bèèrè pé "kí lẹ ń pe ilé?" torí àgbàlagbà lè fi "ilé" tàbí "ulé" dá a lóhùn láti fi yẹ́ àlejò sí. Kó tọ́ka sí nǹkan náà gan-an, kó jẹ́ kí àgbàlagbà méjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà ní títàn, kó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ìlú kó tó kúrò.

Òǹkàwé yín,
Ìkéré-Èkìtì