Sí akápò mi, nípa ìwé aláwọ̀ búlúù

Akápò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ó ti pẹ́ jù tí mo ti gbúròó rẹ, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Àbúrò mi ti bímọ, obìnrin làǹtìlanti, ìyá mi sì ní kí n kí ọ dáadáa. Ìròyìn yòókù lè dúró. Èyí tó mú mi jókòó kọ̀wé lálẹ́ yìí kò lè dúró.

Láti ìgbà tí a ti jáde ilé ìwé, ibi 11 ni mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló fèsì, èsì náà sì dùn mí ju ìdákẹ́jẹ́ àwọn yòókù lọ. Obìnrin tó kọ ọ́ rọra sọ fún mi pé orúkọ iléeṣẹ́ mìíràn ló wà nínú ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn lẹ́tà mi. Mo lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Mo ti yí orúkọ òkè padà, mo gbàgbé ti ìsàlẹ̀. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Lẹ́tà kan náà ni mo ń fi ránṣẹ́ síbi gbogbo, wọ́n sì ti rí i.

Ni mo bá gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. O rántí pé ó ti pẹ́ tó ti wà lára àwọn tó ń yẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ wò ní ọ́fíìsì wọn. Ojú ewé méjì ni tèmi. Ó kà á tán, ó ní: “Bí mo bá pa orúkọ rẹ rẹ́ lórí ìwé yìí, báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe máa mọ̀ pé ìwọ lo ni ín?” N kò rí èsì fún un. Mo kọ pé mo máa ń ṣiṣẹ́ kára, pé mo tètè máa ń mọ nǹkan, pé mo lè bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó ní kò sí lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò sí nínú rẹ̀, ojú òun kì í dúró lórí wọn mọ́. Ó tún dé ibi tí mo kọ ọ́ sí pé, “Bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní ìrírí iṣẹ́ kankan.” Ó fi bírò fa ìlà gbọọrọ la àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní síífíì mi ti fi hàn pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, kò yẹ kí n tún máa tọrọ àforíjì fún un nínú lẹ́tà. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀ ni ohun tí mo ti ṣe rí tó jọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún mi.

Ó wá ní kí n mú ìpolówó iṣẹ́ náà wá. Olùrànlọ́wọ́ alákòóso ọ́fíìsì ni wọ́n ń wá, ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọn yóò pa á dé. Ó ní kí n fa ìlà sí ìdí gbogbo ohun tí ẹni tí wọ́n bá gbà yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́. Mẹ́ta ni mo rí: kí ó tọ́jú àkọsílẹ̀ kí ó sì pé pérépéré, kí ó máa dáhùn lẹ́tà, kí ó máa ṣètò ìpàdé kí ó sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ sílẹ̀. Ó tọ́ka sí àkọ́kọ́, ó ní, “Ìgbà wo lo ṣe èyí rí?” Mo ní n kò ṣe é rí. Ó dákẹ́, ó ń wò mí. Àfi bí ìwé aláwọ̀ búlúù tí a fi ń kọ owó ẹgbẹ́ wa ṣe sọ sí mi lọ́kàn! Akápò mi, ìwé aláwọ̀ búlúù!

Bí mo ṣe tún lẹ́tà náà kọ nìyí. Tẹ́lẹ̀, “Orúkọ mi ni” ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ mi wà nísàlẹ̀. Ní báyìí, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kà báyìí: “Mo ń kọ̀wé láti béèrè fún ipò olùrànlọ́wọ́ alákòóso ọ́fíìsì tí ẹ polówó. Fún ọdún kan, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa, mo sì tọ́jú àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ 140.” Ìpínrọ̀ kejì ló gùn jù. Mo sọ pé inú ìwé kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ wà nígbà tí mo débẹ̀, pé mo dà á kọ sínú Excel, tí a fi orúkọ kọ̀ọ̀kan wé rìsíìtì rẹ̀, tí a sì rí ènìyàn 23 tó ti sanwó tí ìwé ṣì ń pè ní ajẹgbèsè. Gbogbo rẹ̀ ti tọ́ kí ìpàdé àpapọ̀ tó dé. Ìpínrọ̀ kẹta mú àkọsílẹ̀ ìpàdé wa, tí mo máa ń fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ó sì sọ ìdí tí mo fi fẹ́ ibẹ̀ gan-an: wọ́n kọ ọ́ sínú ìpolówó pé àwọn ń kó fáìlì ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tí mo sì ti ṣe nìyẹn. Gbólóhùn méjì péré ni mo fi kádìí rẹ̀. Lẹ́tà tó jẹ́ ojú ewé méjì kò kún ojú ewé kan mọ́. Kí n tó sọ ọ́ di PDF, mo ka gbogbo orúkọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí bí mo bá kà á láti òkè, ohun tó wà lọ́kàn mi ni ojú mi máa ń rí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Nínú àkọ́kọ́ tí mo kọ, “èmi” ló kún ìpínrọ̀ kejì yẹn. Èmi ni mo fi wé rìsíìtì, èmi ni mo rí àṣìṣe. Irọ́ ni. Èmi ń tẹ̀, ìwọ lo ń ka rìsíìtì sókè títí ilẹ̀ fi mọ́, ìwọ lo sì kọ́kọ́ pariwo pé nǹkan kan kò bára mu. Ẹ̀gbọ́n mi ní “àwa” nìkan kò lè sọ fún wọn ohun tí èmi lè ṣe, ẹnì kan ni wọ́n fẹ́ gbà. Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀ n kò fẹ́ fi òógùn rẹ wọlé síbi iṣẹ́. Mo wá kọ ọ́ pé, “Èmi àti akápò ẹgbẹ́ ni a jọ ṣe é: èmi kọ àkọsílẹ̀ náà sínú Excel, akápò ń yẹ rìsíìtì wò.” Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn bẹ́ẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ gan-an nìyí. Ọwọ́ rẹ ni ìwé náà wà. Jọ̀ọ́, bá mi kà á. Ṣé 23 ni wọ́n, àbí 32? Mo ti rò ó títí tí méjèèjì fi ń jọ òótọ́ lójú mi. Bí wọ́n bá pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí sí, n kò sì fẹ́ kí ohùn mi gbọ̀n. Ohun tí ìwé bá sọ ni màá kọ, ìbáà jẹ́ márùn-ún péré. Bí kò bá sì sí lọ́wọ́ rẹ mọ́, màá yọ iye náà kúrò, màá kàn sọ pé a rí àwọn kan. N kò ní fi orúkọ rẹ sílẹ̀ bí ẹlẹ́rìí, nítorí ọ̀rẹ́ ni wá. Olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ ti gbà láti jẹ́rìí mi.

Kó dé ọwọ́ mi kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú, jọ̀wọ́. Inú báàgì tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́ yẹn ni mo rántí pé o kó o sí.

Èmi ni, akọ̀wé rẹ.