Ẹ Ṣí Àpótí Ìtọ́jú Ṣọ́ọ̀bù Yín Wò

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ mi n'Íbàdàn sọ̀rọ̀. Káfíńtà ni mí. Ìtòsí ọjà pákó Bódìjà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àwa mẹ́fà la sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, sìsélì yọ̀ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kan, ó sì la àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo pákó tó ń gbẹ́. Mo sáré síbi àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì tí mo ti kàn mọ́ ògiri láti ìgbà tí a ti kó wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Títì pa ni mo bá a. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi, mọ́tò sì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Sángo. Òòlù la fi já a.

Ohun tí a bá nínú rẹ̀ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Pílásítà ku méjì péré. Ọ̀rá gọ́ọ̀sì ti ya ní igun kan, gọ́ọ̀sì inú rẹ̀ sì ti pọ́n bí aṣọ ìnutábìlì. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Bí mo ṣe fà á ló fàya. Sísọ́ọ̀sì kò sí, wọ́n ti mú un lọ gé fóòmù. Ṣùgbọ́n sípírítì kún ìgò, rísíìtì pákó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú bíírò. Ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bọ́ ìborùn rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ fún wa. A ká a, a fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí, a gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè, a kò sì ṣí i wò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ tó rọlẹ̀ tí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n rán an, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí àrùn ipá muni.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ bi mí pé ṣé a da nǹkan sí i. Mo ní rárá, pé ọmọ iṣẹ́ kan ti fẹ́ da sípírítì sí i kí n tó dá a dúró. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Sípírítì máa ń jó ẹran ara tó ṣí sílẹ̀. Omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣan ọgbẹ́ kékeré. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà bí eléyìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ ni o." Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun tó yẹ kó wà nínú àpótí fún mi. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì kan, ó ní iye tí àjọ tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dábàá fún ibi iṣẹ́ kékeré tí ewu rẹ̀ kò pọ̀ ni, pé kí a má jẹ́ kó dín sí i.

Pílásítà ogún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Báńdéèjì tí gọ́ọ̀sì tó nípọn ti wà lára rẹ̀, mẹ́fà alábọ́dé àti méjì ńlá. Àwọn wọ̀nyí la fi ń tẹ ọgbẹ́ bíi ti ọmọ iṣẹ́ mi. Gọ́ọ̀sì tí a fi ń bo ojú, méjì. Báńdéèjì onígun mẹ́ta méjì, tí a fi ń gbé apá kọ́ ọrùn. Pínnì mẹ́fà, àti ìbọ̀wọ́ ọ̀rá méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta. Èmi fi sísọ́ọ̀sì kan kún un, mo fi okùn so ó mọ́ inú àpótí. Mo tún fi ìgò kéékèèké omi iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní sáláìnì sí i, nítorí lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń wọ̀ wá lójú. Ẹnì kan ló ń lo ìgò kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó bá ṣẹ́kù, a dà á nù. Oògùn mímu kò sí níbẹ̀. Oògùn orí fífọ́ tó bá ẹnì kan lára mu lè dá inú ẹlòmíràn láàmú, èmi ò sì mọ inú ọmọ ọlọ́mọ. Òfin ilé iṣẹ́ ilẹ̀ wa pàápàá sọ pé ohun ìtọ́jú pàjáwìrì nìkan ni kó wà nínú àpótí náà, kí ẹnì kan sì máa bójú tó o.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára nǹkan wọ̀nyí ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Tí ẹ bá rí EXP 06/2027, ó túmọ̀ sí pé ẹ lè lò ó títí oṣù kẹfà ọdún náà yóò fi parí. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí kò ya ni ọjọ́ náà ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Gọ́ọ̀sì tí ọ̀rá rẹ̀ bá ya, tàbí tí omi ti kàn, kò mọ́ mọ́, ì báà ku ọdún méjì kí ọjọ́ rẹ̀ pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ooru páànù ń ba gọ́ọ̀mù pílásítà àti rọ́bà ìbọ̀wọ́ jẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Ara ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń pa ni àpótí mi wà nígbà náà. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí garawa omi wà, mo sì ti yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrò. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan la fi lẹ ìdérí rẹ̀ pa. Tí ìwé náà bá ti já, a mọ̀ pé wọ́n ti mú nǹkan níbẹ̀, a ó sì ka iye ohun tó kù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó tan ẹ̀rọ kankan. Àgbà ọmọ iṣẹ́ mi ni mo fi ṣe alámòójútó. Ó ń kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń kà á pẹ̀lú káàdì, ó ń fọwọ́ tẹ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan bóyá afẹ́fẹ́ ń jáde. Ó ń lẹ pílásítà kan mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀: tí etí rẹ̀ bá ń ṣí kó tó kà á tán, pálí yẹn ti bàjẹ́. Ó ń fa ìbọ̀wọ́ kan wò. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ku oṣù mẹ́ta, ó ń fi bíírò pupa sàmì sí i, èmi sì ń ra òmíràn kalẹ̀.

Ní oṣù kejì tí a bẹ̀rẹ̀, pílásítà ogún ti di mẹ́tàlá. Inú kọ́kọ́ bí mi, mo rò pé wọ́n ń mú un lọ sílé. Nígbà tí a bèèrè, ó hàn pé márùn-ún nínú méje náà ló lọ sí ìka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì kan náà. A bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì náà. Orí ìṣó kan ti yọ síta lábẹ́ etí rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé. A gbá a wọlé lọ́jọ́ náà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, pílásítà kan péré ló dín.

Olóòtú, tí àyè bá wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa tẹ iye nǹkan tí mo kà sókè yìí sínú àpótí kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín, kí èèyàn lè gé e, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí tirẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Káfíńtà kan,
Bódìjà, Ìbàdàn.