Mẹ́gábáìtì mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ní mo jí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi wẹ ara mi mọ́. Dátà ni mò ń tà l'Òṣogbo, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan báyìí, ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè nítòsí wa wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú fóònù méjì lọ́wọ́, tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo ta 1GB fún àwọn méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ náà, àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì kan náà kọ́ ni wọ́n ń lò. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé sórí fóònù ọmọ sọ pé wọ́n ti fún un ní 1024MB. Èyí tó wọlé sórí ti ìyá sọ pé 1000MB. Ìyá na fóònù sí mi lójú, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo gbé mẹ́rìnlélógún mi sí?"

Àwọn oníbàárà tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó ń tajà lójú pópó kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní olè. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi, mi ò fọwọ́ kàn án." Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Mo ti wá rí i pé ọ̀pọ̀ àwa tó ń tà á gan-an ò mọ ohun tí à ń wọ̀n.

Báìtì ni à ń tà. Báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ, bíìtì kọ̀ọ̀kan sì dà bí súìṣì iná tó jẹ́ pé kò ju kó tàn tàbí kó kú lọ. Lẹ́tà "e" lásán nínú àtẹ̀jíṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gba báìtì kan. Tí ẹ bá fi àmì sí ìdí rẹ̀, tí ẹ sì fi àmì ohùn òkè sí orí rẹ̀, tó di "ẹ́", ó di báìtì márùn-ún: mẹ́ta fún "ẹ", méjì fún àmì orí rẹ̀. (Ẹ má torí ìyẹn kọ Yorùbá láìsí àmì o. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.) Gbogbo ohun tó bá gba inú síìmù yín kọjá, fọ́tò ni o, orin ni o, ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ni o, báìtì ni nẹ́tíwọ̀kì ń kà lára wọn. Wọ́n ń ka èyí tó wọlé, wọ́n sì ń ka èyí tó jáde. Ẹ̀rọ tó ń kà á kò mọ GB, kò mọ MB. Ẹyọ báìtì ló ń kà bí ẹni ń ka ẹyọ ìrẹsì. Ẹni tó ṣètò owó dátà ní iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ló ń pinnu iye ẹyọ tó máa pè ní gígábáìtì kan.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, torí ìwọ̀n méjì ló wà nílẹ̀, wọ́n sì jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Èyí tó dàgbà jù ni ti ẹgbẹ̀rún. "Kílò" tí a fi ń wọn ẹran wá láti inú èdè Gíríìkì, ẹgbẹ̀rún ló túmọ̀ sí, ilẹ̀ Faransé sì ti fi í sínú òfin ìwọ̀n wọn láti 1795. Kílò jẹ́ ẹgbẹ̀rún, mẹ́gà jẹ́ mílíọ̀nù kan, gígà jẹ́ bílíọ̀nù kan. Ní ti èyí, gígábáìtì kan jẹ́ 1,000,000,000 báìtì, kò lé, kò dín.

Èkejì wá láti inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Súìṣì kan lè wà ní ipò méjì. Tí ẹ bá fi ìkejì kún un, ipò tí wọ́n lè jọ wà di mẹ́rin, ìkẹta sọ ọ́ di mẹ́jọ. Gbogbo súìṣì tí ẹ bá fi kún un, ìlọ́po méjì ni. Ẹ máa kà á lọ: 16, 32, 64, 128, 256, 512. Nígbà tó bá pé súìṣì mẹ́wàá, 1024 ni. Bí wọ́n ṣe ń fún yàrá inú ẹ̀yà ìrántí kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà nìyẹn: wáyà mẹ́wàá ń tọ́ka sí yàrá 1024, tí wáyà bá sì di mọ́kànlá, yàrá di 2048. Bí ẹ ṣe lè to wáyà tó tó, kò ní bọ́ sórí ẹgbẹ̀rún géérégé láéláé. Àwọn baba wa náà kò fi ẹẹ́wàá ẹẹ́wàá ka owó ẹyọ. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan.

Láàárín àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà wo 1024, wọ́n rí i pé ó súnmọ́ ẹgbẹ̀rún, ni wọ́n bá yá orúkọ kílò lò fún un. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tí ìyàtọ̀ náà pa lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ọ̀hún ń sanra bí a ṣe ń gòkè. Ní ìpele kílò, ohun tí 1024 fi ju ẹgbẹ̀rún lọ kò ju 2.4 nínú 100. Nígbà tó bá di mẹ́gà, tí í ṣe 1024 lọ́nà 1024, ó ti di bíi 4.9. Ní gígà, ó ti lé ní 7. Gígábáìtì ti kọ̀ǹpútà jẹ́ 1,073,741,824 báìtì, ó fi mílíọ̀nù mẹ́tàléláàádọ́rin àti àbọ̀ ó lé díẹ̀ ju ti ẹgbẹ̀rún lọ.

Ní òpin 1998, àjọ IEC tó ń ṣètò ìlànà ohun èlò iná mànàmáná lágbàáyé yanjú rẹ̀ lórí ìwé. Wọ́n ní kí kílò, mẹ́gà àti gígà máa jẹ́ ti ẹgbẹ̀rún nìkan, kí ti 1024 máa jẹ́ kíbí, mébí àti gíbí, kí wọ́n sì máa kọ wọ́n ní KiB, MiB àti GiB. Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà? Windows ṣì ń ka 1024 títí dòní, ó sì ń kọ MB sí i. Android ní tirẹ̀ ti ń fi ẹgbẹ̀rún ka ìwọ̀n fáìlì láti Android 8. Ẹ gbé fídíò tó jẹ́ 100,000,000 báìtì sórí irú fóònù bẹ́ẹ̀, 100MB ni yóò kọ. Ẹ gbé e sórí láàpútọ́ọ̀pù, ẹ ó rí 95.3MB. Ẹnìkan ti bá mi jà rí lórí èyí, ó ní okùn tí mo fi so wọ́n pọ̀ ti gbé nǹkan mì nínú fídíò ìgbéyàwó òun. Mo ṣí ibi tí Windows ti ń kọ iye báìtì sí ẹ̀gbẹ́ MB, ó rí i pé fóònù àti láàpútọ́ọ̀pù bára mu dé orí ẹyọ kan, ló tó gbà.

Ẹ wá wo 1GB ìyá aláṣọ òkè. Ohun tí 1000MB tó wà lójú fóònù rẹ̀ lè jẹ́ pé méjì. Tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ bá ń fi ẹgbẹ̀rún kà látòkè délẹ̀, bílíọ̀nù kan báìtì ni wọ́n fún un. Àmọ́ wọ́n tún lè dàpọ̀ mọ́ra: kí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti 1024 lọ́nà 1024, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ pè ní gígà. Ìyẹn á jẹ́ 1,048,576,000. Ẹ má rò pé kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Díìsìkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ tí wọ́n kọ 1.44MB sí lára, 1440 lọ́nà 1024 ni.

Mo lọ dán an wò. Lórí nẹ́tíwọ̀kì méjèèjì, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ra 1GB sórí síìmù tí kò ní dátà mìíràn nínú, mo sì rí i dájú pé kò sí owó ìpè lórí rẹ̀, kó má baà máa jẹ owó lọ lẹ́yìn tí dátà bá tán. Mo kọ iye tí ojú ewé ìlò dátà inú fóònù mi ń sọ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì lò ó títí ó fi gé. Ojú ewé yẹn, ní Android bó ṣe ti ọwọ́ àwọn tó dá a sílẹ̀ wá, 1024 ló fi ń kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ewé fáìlì inú fóònù kan náà ń ka ẹgbẹ̀rún. (Àwọn tó ń ṣe fóònù lè yí i padà, nítorí náà kí oníkálukú kọ́kọ́ yẹ tirẹ̀ wò.) Tí ìlò bá dúró ní 0.93GB, bílíọ̀nù kan lásán ni wọ́n tà. Tó bá dúró ní 0.98, àdàpọ̀ ni. Tó bá dé 1.00, 1024 ni látòkè délẹ̀. Kò ní bọ́ síbẹ̀ géérégé, torí ohun tó bá sọ nù sójú afẹ́fẹ́ lè ti wọ ìṣirò nẹ́tíwọ̀kì kó tó dé fóònù, ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yìí fẹ̀ tó láti mọ èyí tó jẹ́.

Nẹ́tíwọ̀kì ìyá dúró ní 0.98. Ti ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 1.00. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìyá ò purọ́ nígbà náà: mẹ́gábáìtì mẹ́rìnlélógún gan-an ló fi dín, ìyẹn 25,165,824 báìtì. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ń lo bíìtì 128,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ báìtì 16,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 3,840,000. Orin mẹ́fà àti àbọ̀ ló sọ nù lọ́wọ́ ìyá. Ká ní bílíọ̀nù kan lásán ni wọ́n tà fún un ni, orin mọ́kàndínlógún ni ì bá jẹ́.

Olóòtú, mi ò ní kí wọ́n dá 1024 padà. Ẹni tó bá fẹ́ ta bílíọ̀nù kan, kó tà á, ìtumọ̀ gígà nìyẹn nínú òfin ìwọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ ni kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọlé lẹ́yìn tí a bá ra dátà kọ iye báìtì sí ẹ̀gbẹ́ GB. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni. Àjọ NCC ti ní kí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì máa lo *323# fún wíwo dátà tó kù láti 2023, tí wọ́n sì gbà. Tí wọ́n bá lè jọ lo nọ́ńbà kan láti fi béèrè, mi ò rí ìdí tí ìdáhùn kò fi lè jẹ́ ti ìwọ̀n kan.

Ìyá aláṣọ òkè ti gbọ́ àlàyé mi tán. Ó ní òun ti gbà pé èmi kọ́. Ṣùgbọ́n ó ní láti ìsinsìnyí lọ, nẹ́tíwọ̀kì ọmọ òun ni kí n máa tà fún òun.

Èmi ni olùkàwé yín,
Oníṣọ́ọ̀bù dátà kan, Òṣogbo