Lẹ́tà tó bá agbọ̀n obì lọ sí Kánò

Lágéré,
Ilé-Ifẹ̀.
Oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Délé mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ẹ kú ọyẹ́ o. Dẹ́rẹ́bà tó gbé agbọ̀n yìí wá kò mọ ohun tó wà láàárín wa, ẹrù lásán ló kà á sí. Jọ̀ọ́, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì ka lẹ́tà yìí tán kí o tó pinnu ohun tí o máa fi ṣe.

Obì àbàtà ogójì ló wà nínú rẹ̀. Orógbó wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú odindi atare kan, àti ìgò oyin kékeré tí mo fi aṣọ wé. Mo mọ̀ pé obì kì í wọ́n ní Kánò, ṣùgbọ́n gbànja ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún, aláwẹ́ méjì. Kì í ṣe òun la fi ń bẹ ènìyàn nílé wa. Ara igi Bàbá yín, lóko ọ̀nà Oǹdó, ni mo ti ká àbàtà yìí, èmi fúnra mi ni mo sì ṣe é láti orí igi títí dé inú agbọ̀n. Ìdí tí mi ò fi gbé e fún ẹlòmíràn ṣe ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Délé, ọjà kò wó lọ́dún náà.

Gbànja tí o ní kí n tọ́jú títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí owó rẹ̀ lè gòkè, kòkòrò ló jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé kòkòrò ṣàdédé dé, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Nígbà tó yẹ kí n ti máa fi akọ́rọ́ já obì, iṣẹ́ mìíràn ni mo ń ṣe nígboro. Obì gbó, ó là lórí igi, ó já bọ́, ó sì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ìwọ náà ọmọ olóbì ni, o mọ̀ pé obì tó bá ti la èèpo ni kòkòrò ń yé ẹyin sí. Lójú, obì náà ń dán, kò ní àbùkù kankan. Mo ṣa gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo bó o, mo dì í sí agbọ̀n méjì, mo gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, mi ò sì padà yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà kò kúkú parọ́ pé kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ọjọ́ tí mo tú agbọ̀n, lẹ́búlẹ́bú ni mo kọ́kọ́ rí lára ewé, lẹ́yìn náà ihò wínníwínní. Mo la ọ̀kan, inú rẹ̀ ti dúdú, ìdin ń rìn níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́kù ni mo tà, owó rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ, mo sì ní ọjà ló wó.

Ojú ló tì mí. Bàbá ló kọ́ mi ní iṣẹ́ obì, bí ó ṣe kọ́ ọ, lábẹ́ igi kan náà. N kò mọ ẹnu tí mo máa fi sọ pé ohun tó kọ́ mi ni mo pa tì. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe nígbà ìsìnkú Màmá ló burú jù. O ti bi àwọn ìyálọ́jà ní Odò-Ògbè, o ti mọ iye tí wọ́n ta gbànja, o sì fà mí sẹ́yìn ilé, o rọra bi mí. Èmi ni mo pariwo. Èmi ni mo sọ ọ́ lójú àwọn àna rẹ pé ẹni tó sá lọ sí Kánò kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lóko Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́. O kò sá. Owó tí ò ń rán wálé láti ibẹ̀ ni a fi tọ́jú Màmá. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mo ti lọ bá àwọn àna rẹ ní Ìrémọ, mo sì ti sọ òtítọ́ fún wọn bí mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín.

Owó agbọ̀n méjèèjì ti wọ àkáǹtì rẹ, iye tí gbànja ń lọ ní Odò-Ògbè lọ́sẹ̀ yìí ni mo fi ṣírò rẹ̀. Gbèsè nìyẹn, má kà á mọ́ ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn ni obì.

Wàyí o, bí o ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Mo já a kí èèpo rẹ̀ tó là. Mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú títí awọ funfun ara rẹ̀ fi rọ̀, mo bó o, mo fọ̀ ọ́, mo sì ṣa gbogbo èyí tó bá ní ojú ọgbẹ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè làágùn, nítorí obì tí kò bá tíì làágùn tán tí a dì í, ńṣe ló máa bu. N kò da oògùn kòkòrò sí i o. Àwọn kan ń dà á, bẹ́ẹ̀ ẹnu la fi ń jẹ obì.

Ewé gbòdògì ni mo fi wé e. Ọyẹ́ ọ̀dọ̀ yín yóò tètè gbẹ ewé náà. Bí o bá rí i pé ara obì ti ń hunjọ, omi ti tán lára rẹ̀ nìyẹn: rẹ aṣọ mímọ́ sómi, fún un dáadáa, kí o fi bo ewé náà lórí. Má kó o sínú ọ̀rá rárá, ooru yóò mú un, yóò sì bu. Máa tú u wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tí o bá ti rí lẹ́búlẹ́bú, yọ èyí tó wà níbẹ̀ àti àwọn tó fara kàn án, má dúró wò ó.

Àwọn aláwẹ́ mẹ́rin wà lókè, mo fi ewé pín wọn sọ́tọ̀. Bí ọkàn rẹ bá gbà, pe àgbà kan nínú àwọn ará ilé wa tó wà lọ́hùn-ún, kó fọwọ́ pa ọ̀kan, kó ṣàdúrà sí i, kí ẹ jọ jẹ ẹ́. Bí kò bá sì tíì gbà, máa tọ́jú rẹ̀ bí mo ṣe wí. Kò ní bàjẹ́ kíákíá, n kò sì ní pè ọ́ láti bi ọ́ pé o ti jẹ ẹ́ àbí o kò jẹ ẹ́.

Ọ̀kan kù. Igi gbànja tó wà lẹ́bàá ààlà ti ń gbẹ láti òkè, mo sì fẹ́ gé àwọn ẹ̀ka tó ti kú kí òjò tó dé. Oko yín ni, n kò ní fọwọ́ kàn án láìgbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ. Nọ́ḿbà mi kò yí padà. Bí o kò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, sọ fún Àǹtí, wọ́n á jíṣẹ́ fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Gbádé.