Ẹ̀sùn lórí rìpọ́ọ̀tù yín tó ń wọ sípáàmù, ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní í tún gbogbo ẹ̀ rò, ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ti kọ wà lọ́wọ́ yín. Ohun tó ń bí mi nínú báyìí kì í tiẹ̀ ṣe rìpọ́ọ̀tù ọjà títà tẹ́ ẹ ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wa láràárọ̀ yẹn mọ́, ọmọkùnrin yín tó gbé fóònù ní Túsìdeè ni, tó ní "Mọ̀mí, ẹ ṣáà máa yẹ sípáàmù yín wò láràárọ̀, kò le rárá." Kò le kẹ̀! Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mò ń mójú tó, Dùgbẹ̀, Bódìjà àti Ṣáléńjì, aago mẹ́fà àárọ̀ ló yẹ kí n ti rí ohun tí wọ́n tà lánàá, ṣé kí n wá máa tú ààtàn lójoojúmọ́ ni? Mo tẹ Not spam títí ó fi sú mi, tílẹ̀ bá mọ́ ó tún ti padà síbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ Poli ló bá mi wò ó, kò gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó tẹ Show original, ó sì wà níbẹ̀ gbagada: SPF: FAIL. Ó ní orúkọ dòméènì tiwa lẹ kọ síwájú ímeèlì bíi pé àwa la fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sáfà yín ló ń gbé e jáde, dòméènì wa ò sì dárúkọ sáfà yín níbì kankan. Ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí wá kanlẹ̀kùn lóru, ó ní bàbá onílé ló rán òun, ṣé ẹ máa ṣílẹ̀kùn ni? Mo pè yín, obìnrin kan ní ká lọ kọ ìlà v=spf1 mìíràn tó ń dárúkọ sáfà tó láṣẹ sábẹ́ èyí tó wà tẹ́lẹ̀. A kọ ọ́. Ó wá di spf=permerror, torí ẹyọ kan péré ni dòméènì gbọ́dọ̀ ní, inú ẹ̀ lèèyàn ń fi include: sí. Ẹ ṣé gan-an ni.

Rìpọ́ọ̀tù ti ìparí oṣù ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Kò wọ sípáàmù, kò dé rárá. Àwọn èèyàn yín ní MB 25 ni sáfà tí ímeèlì náà ń gbà kọjá lè gbé, fáìlì fọ́tò rìsíìtì wa ò ju 21 lọ, nítorí náà ẹ̀bi ò sí lọ́dọ̀ yín. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé wọ́n máa ń yí fáìlì padà sí lẹ́tà kó tó wọ inú ímeèlì ni, ó sì ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta wú sí i? MB 21 yẹn ti di 28 kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Sáfà yín ni wọ́n dá a padà sí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ fún wa ní include: tiyín gan-an àti kọ́kọ́rọ́ DKIM tó ń jẹ́rìí sí ímeèlì, ká fi sí dòméènì wa, kẹ́ ẹ sì yé so fọ́tò rìsíìtì mọ́ ímeèlì, ẹ fi lìǹkì tó ní pásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ ká fi dáùnlóòdù ẹ̀. Tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè tí mi ò rí i, mi ò san owó oṣù tó ń bọ̀, FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ni màá kọ̀wé sí, màá sì so gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi mọ́ ọn. Kò ní í ju MB 25 lọ.